Kíkọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìyípo omi: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí omi tí ojú kò rí

Bí ẹ bá bi ọmọ kíláàsì karùn-ún ní Ìbàdàn bí òjò ṣe ń rọ̀, ó ṣeé ṣe kó ka ìdáhùn inú ìwé fún yín láìkọsẹ̀: oòrùn á fa omi òkun sókè, á di àwọsánmà, àwọsánmà á di òjò, òjò á ṣàn padà sínú òkun. Ẹ wá fi ìbéèrè kan tẹ̀ lé e: "Omi tó ti kúrò nílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò tíì di àwọsánmà, níbo ló wà báyìí?" Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń dákẹ́. Àwọn tó bá dáhùn á ní ó ti tán, tàbí pé oòrùn ti mu ún, tàbí pé ó ti di afẹ́fẹ́.

Èmi gbà pé orí ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dúró lé: kí ọmọ gbà pé omi wà nínú afẹ́fẹ́ tó yí i ká nínú kíláàsì, pé ojú kò lè rí i, àti pé omi ni síbẹ̀. Ọmọ tó bá gba èyí á lè fúnra rẹ̀ ṣàlàyé ìrì, kùrukùru, àwọsánmà àti òjò. Èyí tí kò bá gbà á, àwòrán ọlọ́fà ara ògiri ló kàn máa há sórí. Nítorí náà, orí omi tí ojú kò rí yìí, tí màá máa pè ní ooru omi, ni ìtọ́sọ́nà yìí ti máa pẹ́ jù, àwòrán ọlọ́fà ló sì máa kẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni, ìṣẹ́jú 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì bá àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá mu.

Ìgbà tó yẹ, àti ohun tí ẹ máa nílò

Sáà kẹta ló dára jù fún wa ní Ìbàdàn, láti oṣù Ẹ̀bìbì títí wọ Agẹmọ, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń ti orí òkun wá nígbà náà kún fún ooru omi. Ìbẹ̀rẹ̀ sáà kìíní náà dára. Sáà kejì ló ṣòro díẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó ń ti ọ̀nà aṣálẹ̀ Sàhárà wá gbẹ débi pé ife omi tútù lè má làágùn tó bí ẹ ṣe fẹ́. Bí ẹ̀kọ́ yín bá bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, ẹ má fagi lé e. Ẹ ṣe é, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó fi ooru omi han ọmọ ju kó rí i pé agolo kan náà, yìnyín kan náà, mú àbájáde ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá nítorí pé afẹ́fẹ́ ti yàtọ̀.

Ohun èlò kò pọ̀: agolo tòmátì mẹ́rin tí ẹ ti fọ̀, tí ẹ sì ti bó bébà ara wọn, ìdérí tó lè bo mẹ́ta nínú wọn dáadáa, píọ̀wọ́tà mélòó kan tó ti dì gbagidi, sóbò pupa díẹ̀ láti fi pa omi láró, ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara, àwo pẹrẹsẹ mẹ́ta, ṣọ́ọ̀kì, tẹmomítà kan, àti òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń lo bátìrì, irú èyí tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Bí òṣùwọ̀n kò bá sí nílé-ìwé, àwọn tó ń ṣe kéèkì ládùúgbò máa ń ní in, ẹ lè yá a.

Ìlànà kan wà tí mi ò ní fẹ́ kí ẹ fò. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun lójú àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù kọ ohun tó rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ àti ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Ẹ má sọ pé ó gbà tàbí pé kò gbà, ẹ má sì jẹ́ kí ojú yín sọ ọ́. Ọmọ tí kò bá ti kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, bó bá ti rí àbájáde tán, á ní ohun tí òun rò náà nìyẹn, èrò àtijọ́ á sì wà nínú rẹ̀ láìyí padà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́ bó bá wù wọ́n. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, títí kan sáyẹ́ǹsì, ti fi hàn pé èdè yìí gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ń wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kiri kò ní sọ ohun tó rò gan-an fún yín, ohun tó rò gan-an náà sì lẹ ń wá.

Ẹ̀kọ́ kìíní: omi tó kúrò lórí sìmẹ́ńtì

Ẹ da nǹkan bíi mílílítà 100 omi sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì níbi tí oòrùn wà. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí etí rẹ̀ po, kí ẹ sì máa fa ìlà tuntun sí etí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ìlà náà ṣe ń sún wọlé ni ọ̀rọ̀ á máa jáde lẹ́nu wọn. Èyí tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé ilẹ̀ ló mu ún. Ẹ má bá wọn jiyàn, nítorí lóòótọ́ sìmẹ́ńtì lè mu díẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni àwo mẹ́ta fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: ẹ wọn mílílítà 50 omi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé ọ̀kan sínú oòrùn, ọ̀kan sórí tábìlì nínú kíláàsì, kí ẹ sì fi ọ̀rá bo ẹ̀kẹta dáadáa kí ẹ tó gbé e ti ìkejì. Àwo kì í mu omi.

Títí di ọjọ́ kejì, èyí tó wà nínú oòrùn á ti gbẹ, tàbí kó kù díẹ̀ kó gbẹ, ti inú kíláàsì á ti dín kù, ti inú ọ̀rá kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Bí wọ́n bá wo abẹ́ ọ̀rá náà, wọ́n á rí ẹ̀kán omi kéékèèké tó so rọ̀ síbẹ̀. Ẹ̀kán yẹn kò fo sókè láti inú àwo. Ẹ bi wọ́n bó ṣe débẹ̀, kí ẹ sì fi ìbéèrè náà sílẹ̀ láìdáhùn di ẹ̀kọ́ kejì.

Èrò mẹ́ta ló wọ́pọ̀ níbí. Àwọn kan á ní oòrùn ló mu omi náà. Ẹ bi wọ́n pé: "Aṣọ tí ìyá yín sá sínú yàrá ní alẹ́, tó gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, ta ló mu omi ara rẹ̀?" Àwọn mìíràn gbà pé omi gbọ́dọ̀ hó kó tó lè lọ, torí pé ìkòkò orí iná ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé. Fún àwọn wọ̀nyí, ẹ ní kí wọ́n fọwọ́ kan omi inú àwo tó wà nínú kíláàsì, kí wọ́n sọ bóyá ó ń hó. Èrò kẹta ló jinlẹ̀ jù: pé omi náà ti di afẹ́fẹ́. Ọmọ tó sọ èyí ti sún mọ́ òtítọ́, síbẹ̀ kò tíì débẹ̀, nítorí omi kì í yí padà di afẹ́fẹ́. Ṣe ló lọ dara pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ gbólóhùn rẹ̀ sórí pátákó, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀kọ́ kejì ló máa dán an wò.

Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé àwọn ègé omi tó kéré jù lọ ń rìn nígbà gbogbo, wọn kì í sì í rìn ní ìwọ̀n ìyára kan náà. Àwọn tó wà lójú omi tí ìrìn wọn sì yá jù ń já kúrò, ìbáà jẹ́ nínú omi tútù. Ìgbóná, atẹ́gùn tó ń fẹ́, àti afẹ́fẹ́ tó gbẹ ló ń mú kí wọ́n tètè lọ. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń yára gbẹ nígbà ọyẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn kò mú tó ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bí ọmọ kan bá béèrè ìdí tí òjò kò fi níyọ̀ nígbà tí òkun níyọ̀, ẹ po iyọ̀ mọ́ omi inú àwo kan kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Iyọ̀ á kù sílẹ̀. Ìyẹn ti tó.

Ẹ̀kọ́ kejì: agolo tó ń làágùn

Ẹ̀kọ́ yìí ni òpó gbogbo rẹ̀, ẹ má kánjú lórí rẹ̀.

Ẹ po sóbò mọ́ omi kó pupa dáadáa. Nínú agolo kìíní, ẹ fi omi pupa yìí àti yìnyín sí i títí yóò fi kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ sì dé e. Nínú agolo kejì, omi pupa ìwọ̀n kan náà, láìsí yìnyín, kí ẹ dé òun náà. Ẹ ṣe agolo kẹta gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ bá ti dé e, ẹ kó o sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde títí ọ̀rá yóò fi lẹ̀ mọ́ ara agolo, kí ẹ sì so ó. Ẹ nu ara gbogbo wọn gbẹ. Ẹ gbé agolo kìíní sórí àwo kékeré kan lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ sì kọ iye tó kà sórí pátákó. Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rò sílẹ̀. Ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú.

Ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ lórí omi tó bo ara agolo kìíní kì í ju mẹ́rin lọ: omi inú ló ń jò jáde, ó gba abẹ́ ìdérí yọ, òtútù ló di omi, afẹ́fẹ́ àti òtútù ló pàdé tí wọ́n sì di omi. Ẹ má ṣàlàyé. Ẹ jẹ́ kí agolo fúnra rẹ̀ dáhùn, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ kọ iye tí òṣùwọ̀n ń kà báyìí sórí pátákó, kí ẹ tó fún ọmọ kan ní tíṣù funfun kó nu ara agolo náà. Tíṣù á tutù, kò ní pupa. "Bí ó bá jẹ́ pé ó jò, àwọ̀ wo ló yẹ ká rí?" Ẹ wá ní kí wọ́n nu agolo kejì. Ó gbẹ. "Bí agolo bá ń jò, kí ló dé tí èyí kò fi jò?" Ẹ yí sí iye méjì tí ẹ kọ láti orí òṣùwọ̀n báyìí. Ká ní ó ka gíráàmù 412 níbẹ̀rẹ̀, tó sì ka 415 kí ẹ tó nu agolo náà. Ìbéèrè tó kàn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: "Gíráàmù mẹ́ta yìí, níbo ló ti wá?" Bí omi inú ló jáde síta, iye yẹn kò ní yí padà rárá, torí pé inú àti ìta jọ wà lórí òṣùwọ̀n. Bí òtútù ló di omi, òtútù á ní láti ní ìwúwo. Lẹ́yìn tí ẹ bá béèrè, ẹ dákẹ́. Ẹ mí sínú mí síta ní ìgbà mẹ́wàá kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Nínú ìdákẹ́ yẹn ni ọmọ tó jókòó sẹ́yìn á ti rántí ẹ̀kán abẹ́ ọ̀rá ti àná.

Agolo kẹta ló ń pa èrò òtútù tì. Ó tutù bí ti àkọ́kọ́, síbẹ̀ ara agolo náà gan-an, nínú ọ̀rá, kò ní fi bẹ́ẹ̀ làágùn. Ìta ọ̀rá ló máa tutù rin. "Ibo ni afẹ́fẹ́ kíláàsì lè dé? Ibo ni kò lè dé? Ibo ni omi wà?" Bí wọ́n bá ti so ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ padà sí gbólóhùn tó wà lórí pátákó láti àná, pé omi di afẹ́fẹ́, kí ẹ sì bi ẹni tó sọ ọ́ bóyá ó ṣì gbà bẹ́ẹ̀ tàbí ó fẹ́ yí i padà. Ohun tí ẹ ń retí kó sọ, ní èdè tirẹ̀, ni pé omi náà wà nínú afẹ́fẹ́ ní ègé tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, àti pé nígbà tó kan ara agolo tútù, ó ṣù jọ, ó sì di ohun tí a lè rí padà.

Àwọn nǹkan kan lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Bí ìwúwo bá ń lọ sílẹ̀ dípò kó gòkè, ìdérí kò dé dáadáa tàbí fáànù ń fẹ́ sí i. Ẹ pa fáànù. Bí omi bá ń kán láti ara agolo, inú àwo kékeré orí òṣùwọ̀n ló gbọ́dọ̀ máa kán sí, kó má baà sọnù nínú ìṣirò. Òṣùwọ̀n oníbátìrì a máa kú fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá kú, ẹ gbé agolo àti àwo kúrò, ẹ tàn án, kí ẹ tún gbé méjèèjì padà papọ̀. Bí ẹ̀kán bá sì wà láàárín ọ̀rá àti agolo kẹta, afẹ́fẹ́ kù nínú rẹ̀ ni. Ẹ má fi pamọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ bi wọ́n ohun tó fà á.

Bí àkókò bá wà, ìyókù rẹ̀ rèé fún àwọn tó yára. Ẹ da omi lásán sínú agolo kẹrin tó ń dán, kí ẹ ki tẹmomítà bọ̀ ọ́, kí ẹ máa fi yìnyín sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó. Ẹ ka tẹmomítà ní ìgbà tí dídán agolo kọ́kọ́ ṣú. Ìwọ̀n yẹn ni afẹ́fẹ́ kíláàsì gbọ́dọ̀ tutù dé kí ooru omi inú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í di omi. Ní ìgbà òjò ní Ìbàdàn, ó sábà máa ń ju 20°C lọ; bí ọyẹ́ bá mú, ó máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Kíláàsì tó bá ń kọ ìwọ̀n yìí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti oṣù Ọ̀wàrà wọ oṣù Ṣẹ́rẹ́ á fi ojú ara wọn rí i bí ooru omi ṣe ń kúrò nílùú.

Ẹ̀kọ́ kẹta: àwọsánmà

Ẹ gbé kẹ́tùlù tó ń hó síwájú wọn, níbi tí ọwọ́ ọmọ kankan kò ti lè kàn án. Ẹ ní kí wọ́n wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Ibi tó sún mọ́ ẹnu kẹ́tùlù jù, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí a lè rí. Iwájú díẹ̀ ni funfun ti bẹ̀rẹ̀. "Nínú ibi tó mọ́ gaara àti ibi tó funfun, èwo ni ooru omi?" Ọ̀pọ̀ ọmọ, àti àgbàlagbà pẹ̀lú, á nàka sí ibi tó funfun. Ibi tó mọ́ gaara yẹn ni. Èyí tó funfun ti padà di ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́, ohun kan náà tí àwọsánmà jẹ́.

Èrò tí ẹ máa bá pàdé ni pé àwọsánmà jẹ́ èéfín, tàbí òwú, tàbí àpò tí Ọlọ́run rọ omi sí. Ẹ fi ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan ṣe é: omi gbígbóná ní ìsàlẹ̀ tó ga tó ìka méjì, àwo yìnyín lórí ẹnu rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa rí kò ní pọ̀. Ẹ gbé àwo náà sókè, ẹ ju ìṣáná tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa sínú rẹ̀, kí ẹ sì tètè dé e padà. Àwọsánmà á ṣú nínú ìgò lójú wọn. Èéfín yẹn kì í ṣe àwọsánmà fúnra rẹ̀. Àwọn ègé kéékèèké inú rẹ̀ ni ooru omi rí dúró lé, bó ṣe ń dúró lé eruku àti iyọ̀ òkun nínú afẹ́fẹ́ òkè. Kí ẹni tó bá ní èéfín ni àwọsánmà lè gbà, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ìṣáná ṣùgbọ́n láìsí omi nínú ìgò. Èéfín tín-ín-rín ló máa rí, àwọsánmà kò ní ṣú.

"Kí ló dé tí àwọsánmà kò fi já lulẹ̀ bó bá jẹ́ omi?" Ìbéèrè tó dára jù lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn, ó sì máa ń ti ẹnu àwọn ọmọ fúnra wọn wá. Ẹ̀kán inú àwọsánmà kéré gan-an: ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi ìdá kan nínú àádọ́ta mílímítà. Ó ń já bọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń já, afẹ́fẹ́ tó ń gòkè sì ń gbé e padà. Kí ẹ̀kán òjò kan tó tó mílímítà méjì, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan irú ẹ̀kán kékeré bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ para pọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ tí àwọn kan máa ń sọ, pé òjò ń rọ̀ nígbà tí àwọsánmà méjì bá kọlu ara wọn, ti ní láti yí padà nìyí. Àwọn ẹ̀kán inú àwọsánmà kan náà ló ń kọlu ara wọn, wọ́n ń dà pọ̀, wọ́n sì ń tóbi títí afẹ́fẹ́ kò fi lè gbé wọn mọ́. Nínú àwọsánmà tó ga gan-an, yìnyín wà lókè rẹ̀. Yìnyín tó máa ń bọ́ nígbà mìíràn nínú ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò jẹ́ ẹ̀rí tí àwọn ọmọ ti fọwọ́ ara wọn ṣà.

Ọmọ kan á sì dìde pé, "Ọlọ́run ló ń rọ òjò, mà." Ẹ má bá a jà, ẹ má sì fi rẹ́rìn-ín. Ẹ bi í pé: "Ọ̀nà wo ló gbà ń rọ̀ ọ́?" Ìbéèrè yẹn fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì dá a padà sórí iṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: lẹ́yìn tí òjò bá dé ilẹ̀

Níbí, ẹ fi Ìbàdàn fúnra rẹ̀ kọ́ wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ògún, 2011, ìwọ̀n òjò tí wọ́n kọ sílẹ̀ nílùú ń lọ bíi mílímítà 187 láàárín wákàtí díẹ̀, omi sì gbé afárá, ilé àti ènìyàn lọ. Mílímítà 187 kò túmọ̀ sí nǹkan kan fún ọmọ títí ẹ ó fi ṣe ìṣirò rẹ̀. Mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó jẹ́ lítà kan. Bí òrùlé kíláàsì yín bá gùn ní mítà mẹ́jọ tó sì fẹ̀ ní mítà mẹ́fà, mítà 48 níbùú lóròó nìyẹn. 48 lọ́nà 187 jẹ́ lítà 8,976. Ẹ pín in sínú jẹ́ríkàn onílítà 25: nǹkan bíi jẹ́ríkàn 359, láti orí òrùlé kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn ṣe ìṣirò yìí, kí ẹ sì bi wọ́n pé: "Nígbà tí ibi tí a kọ́lé sí yìí ṣì jẹ́ igbó, ibo ni omi yìí ń gbà lọ? Nísinsin yìí tí sìmẹ́ńtì ti bò ó ńkọ́?" Wọ́n á mẹ́nu kan odò Ògùnpa, èyí tí àkúnya rẹ̀ ní 1980 ṣì wà lẹ́nu àwọn òbí wọn àgbà. Wọ́n ti mọ òwe pé àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Iṣẹ́ tiyín ni kí wọ́n mọ ibi tí àgbàrá ti ń rí omi.

Èrò tó gbilẹ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé odò ńlá kan tàbí adágún wà lábẹ́ ilẹ̀ tí kànga ń bù láti inú rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàdàn, àpáta líle ló wà nísàlẹ̀. Omi kànga wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ àti àpáta tó ti jẹrà lórí èyí tó le, àti nínú sísán àpáta. Ẹ gé ọrùn ìgò oníke ńlá kan, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn kún un dé ìdajì, kí ẹ sì ri ìhò báírò tí ẹ ti yọ inú rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìgò náà. Ẹ rọra da omi sórí iyanrìn bí òjò. Kò ní sí adágún kankan, síbẹ̀ omi á hàn nínú ìhò báírò. Ẹ fa díẹ̀ nínú rẹ̀ jáde, kí wọ́n wo bí omi àárín iyanrìn ṣe ń ṣàn wá dípò rẹ̀. "Kí ló dé tí kànga ilé yín fi ń fà ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà?" Ẹni tó bá rí ìgò yìí kò ní ṣòro fún láti dáhùn.

Ẹ má gbàgbé igi. Ẹ so ọ̀rá mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tàbí dóńgóyárò tó wà nínú oòrùn, pẹ̀lú ewé mẹ́wàá sí ogún nínú rẹ̀. Láàárín wákàtí kan tàbí méjì, omi á wà nínú ọ̀rá náà. Àwọn ọmọ tó rò pé òkun nìkan ló ń fún afẹ́fẹ́ lómi á ní láti wá àyè fún igbó nínú èrò wọn.

Àwòrán ọlọ́fà, àti bí ẹ ṣe máa mọ ẹni tó ti yé

Àkókò tó báyìí láti yàwòrán, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ti inú ìwé kọ. Àwòrán yẹn sábà máa ń ní òkè oníyìnyín àti òkun nínú kan ṣoṣo, ọfà rẹ̀ a sì máa yí po bíi pé ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo omi ń tọ̀. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya ìrìnàjò ife omi kan tí wọ́n dà sílẹ̀ ní Bẹẹrẹ, kí ó fi ó kéré tán ọ̀nà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra hàn. Ọ̀kan lè bá àgbàrá dé Ògùnpa, kó bọ́ sínú odò Ọ̀nà, kó sì lọ sí ọ̀sà etí òkun. Òmíràn lè wọ ilẹ̀, kí wọ́n fà á nínú kànga. Òmíràn lè gbẹ lórí kọ̀ǹkéré láàárín wákàtí kan, kó tún rọ̀ sórí oko cassava ẹlòmíràn ní ìhà Ìṣẹ́yìn láìfojú kan òkun rárá.

Bí ẹ bá ń wo iṣẹ́ wọn, ẹ kọ́kọ́ wá àyè tó wà láàárín ilẹ̀ àti àwọsánmà. Ọmọ tó fi ọfà kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀ láìkọ nǹkan kan síbẹ̀ ṣì lè jẹ́ ẹni tó há a sórí. Ẹ pè é, kí ẹ bi í lẹ́nu: "Bí mo bá gbé agolo tútù sí àárín ọfà yìí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ara rẹ̀?" Bó bá ní yóò làágùn, tó sì lè sọ ibi tí omi náà ti wá, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀. Bó bá ní kò ní ṣẹlẹ̀ sí i torí pé kò sí omi níbẹ̀, ẹ̀kọ́ kejì ló yẹ kó padà sí, kí òun fúnra rẹ̀ gbé agolo sórí òṣùwọ̀n, kó sì kọ iye tó kà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún.